Ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ìgbà wo? Bí a ṣe lè tú lẹ́tà ìjọba láì sọ òótọ́ inú rẹ̀ nù

Lọ́jọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, àbúrò màmá mi dé ìsọ̀ rẹ̀ nínú ọjà kan n'Ìbàdàn, ó bá àgádágodo tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Abọ́ ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ìsọ̀ náà pa. Ó sáré bá wọn ní ọ́fíìsì wọn tó wà nínú ọjà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹ fún mi ní lẹ́tà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ kọ síbẹ̀."

Ọ̀gá tó wà níjókòó dá a lóhùn pé, "Mọ́mì, ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ti pé láti àná."

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà ni wọ́n kọ sórí lẹ́tà náà. Ọjọ́ 10 ni ọmọ tó ń pín in kiri tó fi lé àǹtí mi lọ́wọ́. Ọ́fíìsì ń kà láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé, àǹtí mi ń kà láti ọjọ́ tó gba ìwé. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ gbọ́ gbólóhùn tó fa wàhálà náà, bó ṣe wà nínú ẹ̀dà Yorùbá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ti Gẹ̀ẹ́sì:

"A fi àsìkò yìí mú un wá sí etígbọ̀ọ́ yín pé, ní ìbámu pẹ̀lú ìmúṣẹ ìlànà àtúntò ọjà tí ó wà nílẹ̀, àìṣe ìsanwó owó àṣẹ ìlò ìsọ̀ àti/tàbí àìṣe ìfihàn ẹ̀rí ìsanwó náà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lè yọrí sí gbígbé ìgbésẹ̀ títi ìsọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn pa, àyàfi níbi tí a bá ti fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ fún àfikún àkókò."

Ẹ fẹ́ mí sí i ná. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ Yorùbá ni, síbẹ̀ ìyá tó ti ń sọ Yorùbá láti ọgọ́ta ọdún kò lè fi ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní kí n bá àwọn tún un kọ, káwọn lè gbé e fún ìjọba ìbílẹ̀ bí àpẹẹrẹ. Ọmọ àǹtí mi ti gbìyànjú kí n tó dé. Tirẹ̀ kà báyìí: "Ẹ wá sanwó ìsọ̀ yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a máa tì í pa." Ó dùn-ún kà, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ti sanwó tẹ́lẹ̀, tí rìsíìtì nìkan kù kó fi hàn, máa rò pé wọ́n ní kóun tún san òmíràn. "Lè" ti di "máa", bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ́fíìsì sọ ni pé àwọn lè tì í, wọn ò sọ pé dandan ni. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún àkókò kò ní mọ̀ pé àyè ẹ̀bẹ̀ wà. "Ọ̀sẹ̀ méjì" náà ò sì sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn ti kúrú, àmọ́ kì í ṣe lẹ́tà kan náà mọ́.

Nítorí náà, mi ò kọ́kọ́ gé nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ tú u ni.

Ohun tó ń mú Yorùbá ìjọba wúwo ni pé wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. "San" á di "ìsanwó," "ìsanwó" á di "àìṣe ìsanwó," "tì" á di "gbígbé ìgbésẹ̀ títìpa." Bí ìṣe bá ti di orúkọ, olùṣe ti ráyè sá lọ nìyẹn. Ta ni kò ṣe ìsanwó? Ta ló ń gbé ìgbésẹ̀? Ẹ dá ìṣe padà sí ipò rẹ̀, kíá ni gbólóhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó ni ín. "Àìṣe ìsanwó" máa di "bí ẹ kò bá sanwó." "Gbígbé ìgbésẹ̀ títìpa" máa di "lágbájá máa tì í." Lágbájá yẹn gan-an la ń wá.

Mo wá rí i pé èmi nìkan ò lè parí iṣẹ́ náà lórí tábìlì mi, torí lẹ́tà yẹn ò dárúkọ lágbájá rárá. Bí mo bá méfò, òfin tuntun ni mo ń ṣe yẹn. Ni mo bá gbéra lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo bi ọ̀gá náà ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló ní àṣẹ láti ti ìsọ̀? Ó ní ọ̀gá ẹ̀ka owó-ìwọlé ni. Ta ló ń fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀? Òun kan náà. Ṣé ẹni tó ti sanwó gbọ́dọ̀ tún wá? Bẹ́ẹ̀ ni, kó fi rìsíìtì hàn, torí rìsíìtì báǹkì kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ wo lẹ ti ń ka ọjọ́ mẹ́rìnlá? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, "torí ọjọ́ yẹn nìkan la ní lákọsílẹ̀." Wọn kì í kọ ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí tún jinlẹ̀ fún àwa Yorùbá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìṣirò àbáláyé wa, a máa ń ka òní mọ́ ọn. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń padà wá bí ẹ bá fi kàlẹ́ńdà kà á. Ìtàdógún ń pe ara rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún ni lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ padà síbi tí àǹtí mi ti sọ pé òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ: láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 17, méje ni akọ̀wé máa kà. Ó túmọ̀ sí pé "láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá" inú lẹ́tà yẹn lè parí ní ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá kà á láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé, ó lè jẹ́ ọjọ́ 15 tàbí 16. Bí ẹ bá kà á láti ọjọ́ tí ìwé dé, ó lè jẹ́ ọjọ́ 23 tàbí 24. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ tún "ọjọ́ mẹ́rìnlá" kọ tó máa yanjú èyí. Ẹ kọ ọjọ́ náà gan-an síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ àti aago.

Àti/tàbí náà ńkọ́? Àmì kékeré yẹn ń gbé ẹni méjì pamọ́: ẹni tí kò tíì sanwó, àti ẹni tó ti san àmọ́ tí kò tíì fi rìsíìtì hàn. Mo fún oníkálukú ní gbólóhùn tirẹ̀.

Ohun kan tó kù ni orúkọ owó náà. Nínú lẹ́tà olójú-ewé kan yẹn, ibì kan pè é ní "owó àṣẹ ìlò ìsọ̀," ibòmíràn ní "owó ọdún," nísàlẹ̀ ó di "owó-ìtọ́jú ọjà." Ọ̀gá ní ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Àǹtí mi ti rò pé owó mẹ́ta ni, ìdí nìyẹn tó fi ń dúró kí owó pé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ń ki èèyàn, ó dáa ká máa fi orúkọ dárà. Nínú lẹ́tà owó, ohun kan, orúkọ kan.

Báyìí ni tiwa ṣe rí nígbà tó parí. A fi àwọn ọjọ́ tí ì bá tọ́ sí àǹtí mi síbẹ̀, a sì mú iye owó wá láti ìsàlẹ̀ lẹ́tà, níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí:

"Owó ìsọ̀ yín fún ọdún 2025 jẹ́ 18,000 náírà. Ẹ san án sí báǹkì tí a kọ sísàlẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú rìsíìtì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa nínú ọjà, ó pẹ́ tán, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Bí ẹ bá ti san owó yìí tẹ́lẹ̀, ẹ má san án mọ́. Rìsíìtì nìkan ni kí ẹ mú wá kí àkókò yẹn tó kọjá.

Bí a kò bá rí rìsíìtì yín títí di ìgbà yẹn, ọ̀gá ẹ̀ka owó-ìwọlé lè ti ìsọ̀ yín pa lábẹ́ òfin ọjà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè ìwé yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ àkókò sí i, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá náà, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà. Bí ó bá gbà, yóò kọ ọjọ́ tuntun fún yín. Bí ẹ kò bá rí ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ 24 náà ni."

Ẹ kà á wò, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ sí i níbẹ̀ jẹ́ ìdáhùn tí lẹ́tà àkọ́kọ́ fi dù wá. Mo sì fi "lè" sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ọ̀gá náà fẹ́ ní àyè láti ṣàánú ẹni tí àìsàn dá dúró. Nọ́ńbà òfin náà dúró, torí bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ibẹ̀ ni lọ́yà máa kọ́kọ́ wò. Ohun tí mo yọ ni "a fi àsìkò yìí mú un wá sí etígbọ̀ọ́ yín" àti "ní ìbámu pẹ̀lú ìmúṣẹ ìlànà àtúntò." Mo bi ọ̀gá bóyá nǹkan kan yàtọ̀ bí wọn ò bá sí níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá.

Báwo la ṣe mọ̀ pé a ò sọ nǹkan kan nù? Lọ́dún 2023, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìwọ̀n àti ìlànà, ìyẹn ISO, gbé ìlànà kan jáde lórí kíkọ̀wé tó yéni, ISO 24495-1. Lára ohun tó dá lé ni pé kí òǹkàwé lè rí ohun tó ń wá, kó yé e, kó sì lè lò ó. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn la fi dán tiwa wò. A fún ìyá aláta kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, a sì fún ọ̀gá ọ́fíìsì. A bi àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Kí lẹni tó gba lẹ́tà yìí máa ṣe? Títí di ìgbà wo? Bí kò bá ṣe é ńkọ́? Nígbà àkọ́kọ́, ìyá aláta ní tí òun bá ti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, ọkàn òun balẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ní rárá o. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lẹ́tà náà, èyí tó ní "ọjọ́ 24 náà ni," ẹ̀yìn ìgbà yẹn la fi kún un. Nígbà kejì, ìdáhùn wọn bára mu.

Àǹtí mi san 18,000 rẹ̀, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ kẹta. Ọjà ọjọ́ méjì ti lọ. Kò tíì gbàgbọ́ títí dòní pé ọjọ́ mẹ́rìnlá òun pé.