Ìdí tí Tẹmómítà Inú Páìpù Fi Ń Ṣìnà

Bí àgbẹ̀dẹ bá ti ọ̀pá irin bọ iná, ìdí rẹ̀ tí ó jìnnà ni í máa dì mú, nítorí ó mọ̀ pé ooru a máa rìn nínú irin, àti pé bí ó ti ń rìn lọ ni ó ń dínkù. Ìrìn ooru yìí kan náà ni ó ń mú kí tẹmómítà tí a fi sínú páìpù gáàsì gbígbóná ṣìnà.

A kì í ti tẹmómítà bọ gáàsì náà ní ìhòòhò, kí ó má baà fọ́. Àpò irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí a dí ní orí, ni a máa ń jó mọ́ ara páìpù, tí yóò yọrí sínú gáàsì. Inú rẹ̀ ni tẹmómítà ń wà. Ṣùgbọ́n ara páìpù kò gbóná tó gáàsì, nítorí afẹ́fẹ́ òde ń gba ooru lára rẹ̀. Nítorí náà, ooru tí gáàsì ń fún àpò kì í dúró níbẹ̀. Ó ń gba inú irin lọ sí ara páìpù, bí ẹni pé àpò náà jẹ́ lẹbẹ tí a so mọ́ ọn. Orí àpò kò lè gbóná tó gáàsì, ìgbóná orí àpò sì ni tẹmómítà ń kà.

Ìṣirò yìí ni a fi ń mọ bí àṣìṣe náà ti tó:

àṣìṣe = (ìgbóná gáàsì − ìgbóná ara páìpù) ÷ cosh(mL)

L ni gígùn àpò. Iye m a máa pọ̀ sí i bí gáàsì bá ń fún irin ní ooru kíákíá. A sì máa kéré bí irin náà bá nípọn tàbí bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ooru ń tètè rìn nínú rẹ̀.

Ká ní àpò kan gùn ní 8 sẹ̀ǹtímítà, tí m rẹ̀ jẹ́ 25 fún mítà kan. mL yóò jẹ́ 2, cosh rẹ̀ yóò sì jẹ́ 3.76. Bí gáàsì bá wà ní 200°C, tí ara páìpù sì wà ní 87°C, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 113. Bí a bá fi 3.76 pín in, àṣìṣe náà jẹ́ 30. Tẹmómítà yóò ka 170°C, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bàjẹ́ rárá.

Bí a bá sọ àpò náà di 16 sẹ̀ǹtímítà, àṣìṣe yóò fà sẹ́yìn di nǹkan bí 4. Bí páìpù kò bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, a lè dá àpò náà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè gùn, tàbí kí a fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe é, nítorí ooru kì í tètè rìn nínú rẹ̀. A sì lè fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jáde wé ara páìpù. Bí a bá wé e tán, tí tẹmómítà sì gòkè nígbà tí gáàsì kò yí padà, a mọ̀ dájú pé iye tí ó ń kà tẹ́lẹ̀ kéré sí òtítọ́.