Kí Ẹ Tó Sanwó fún Ayafọ́tò Ìsọmọlórúkọ

Ẹni tó bá fẹ́ gba ayafọ́tò fún ìsọmọlórúkọ, kó má kàn bi í pé, "Èló ni?" Ẹ ní kó kọ iye owó náà sílẹ̀, kó sì yà wọ́n sọ́tọ̀: ti wákàtí, ti títún fọ́tò ṣe, ti fọ́tò títẹ̀ àti ti ìrìn àjò.

Ẹ jẹ́ ká mú ayafọ́tò Ìbàdàn kan tí wọ́n pè sí Ìjẹ̀bú-Òde. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye yìí. Ó kọ náírà 120,000 fún wákàtí 4. Ibí gan-an ló yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ìsọmọlórúkọ kì í pẹ́. Ní àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa fi oyin, iyọ̀, atare àti omi wúre fún ọmọ, tí àwọn àgbà á dárúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè má tó wákàtí kan. Àríyá ló máa ń di ọ̀sán. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, wákàtí 4 ti tán ní aago mọ́kànlá, bóyá kí àwọn onílù tó dé. Nítorí náà, ẹ bi í ìgbà tí wákàtí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti iye tí yóò gbà lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé.

Ó kọ náírà 40,000 fún títún fọ́tò 80 ṣe. Yóò ya jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò yọ èyí tí ojú ti dì kúrò, yóò sì tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ìyókù ṣe. Pípa irorẹ́ rẹ́, tàbí yíyọ àga tó wà lẹ́yìn ìyá ọmọ, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ bi í bóyá ó wà nínú owó náà.

Álíbọ́ọ̀mù kan àti fọ́tò ńlá kan jẹ́ náírà 60,000. Ẹ wo ìwọ̀n ìnṣì wọn dáadáa. Fọ́tò tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń yà bá ìwọ̀n 8 sí 12 mu. Bí ẹ bá ní kó tẹ̀ ẹ́ ní 8 sí 10, ìnṣì méjì gbọ́dọ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n tó dúró ní ìpẹ̀kun fọ́tò ẹbí sì lè bá a lọ.

Ìrìn àjò jẹ́ náírà 30,000. Nígbà tó jẹ́ pé aago méje ni, ó sàn kó sun Ìjẹ̀bú-Òde mọ́jú. Ta ni yóò san owó ilé ìtura? Kó wà nínú ìwé.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 250,000. Ọ̀rọ̀ kan kù: ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ kẹjọ kí ọmọ tó dé. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ mìíràn, ṣé yóò rán ẹlòmíràn ni, àbí yóò dá owó yín padà? Ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó san àsansílẹ̀.