Ọfà Tó Ń Padà Sẹ́yìn: Bí Fúlóṣáàtì Ṣe Ń To Nọ́ńbà

Máàkì àwọn ọmọ márùn-ún ló wà lórí ìwé tíṣà: 62, 45, 71, 45, 58. Láti tò wọ́n, kí èyí tó kéré jù ṣáájú kí èyí tó pọ̀ jù kẹ́yìn, kò le. Ìwò ojú kan ti tó. Ṣùgbọ́n kí a ní kí tíṣà yìí ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ ṣe, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, fún ẹni tí kò lè wo ju nọ́ńbà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì mọ ohun tó kàn àfi bí a bá sọ fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń gba ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹni tí a ń ṣàlàyé fún náà ni kọ̀ǹpútà, ohun tí tíṣà máa yà sórí ìwé náà ni fúlóṣáàtì.

Àwòrán tó ń fi ọ̀nà iṣẹ́ hàn ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Frank àti Lillian Gilbreth, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí bí òṣìṣẹ́ ṣe ń lo ọwọ́ àti àkókò, gbé irú rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní 1921. Ní 1947, Herman Goldstine àti John von Neumann fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Àpótí tí a ń lò lónìí kò pọ̀: èyí tó rí roboto bí ẹyin jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́ ti kíka nọ́ńbà wọlé tàbí títẹ̀ ẹ́ jáde, onígun mẹ́rin gbọọrọ jẹ́ ti iṣẹ́ ṣíṣe. Ẹ̀kẹrin ni dáyámọ́ǹdì, àpótí ìbéèrè. Ọfà kan ló ń wọ inú rẹ̀, méjì ló ń jáde: Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìlànà ìtò pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tí a máa tẹ̀ lé níbí ni ẹni tó bá ti ta wọ́ọ̀tì rí ti ń lò láìmọ̀. Káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tò wọ́n. Ó fa òmíràn, ó wò ó, ó ń ti àwọn tó jù ú lọ sí ọ̀tún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí àyè fi ṣí sílẹ̀, ó sì ki tuntun náà bọ̀ ọ́. Ìtò onífífi-sáàárín ni ká pè é.

Fún kọ̀ǹpútà, a máa pe àtẹ náà ní `A`, a ó sì ka àyè rẹ̀ láti 0: 62 wà ní àyè 0, 58 wà ní àyè 4. `n` ni iye nọ́ńbà, ìyẹn 5. `i` ń sọ káàdì tí a fẹ́ fà. `key` ni káàdì náà gan-an, tí a mú kúrò lórí tábìlì sí ọwọ́. `j` ń sọ àyè tó ṣófo báyìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ìka tọ ọfà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, a ka àtẹ wọlé, a fi 1 sínú `i`, a sì kan dáyámọ́ǹdì àkọ́kọ́: ṣé `i` kéré sí `n`? 1 kéré sí 5, nítorí náà a gba ọ̀nà Bẹ́ẹ̀ ni. Àpótí iṣẹ́ tó kàn ní kí a mú nọ́ńbà àyè 1, ìyẹn 45, sínú `key`, kí `j` náà di 1. Dáyámọ́ǹdì kejì béèrè pé: ṣé `j` ju 0 lọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta béèrè pé: ṣé nọ́ńbà tó wà lápá òsì `j` ju `key` lọ? 62 ju 45 lọ, bẹ́ẹ̀ ni. A sún 62 sí àyè 1, a dín `j` kù di 0, ọfà sì gbé wa padà sí dáyámọ́ǹdì kejì. Ìyípo kékeré nìyẹn. Ṣé `j` ju 0 lọ? Bẹ́ẹ̀ kọ́, a ti kan ògiri. A fi 45 sí àyè 0, a fi 1 kún `i`, ọfà gígùn kan sì gbé wa padà lọ sí dáyámọ́ǹdì àkọ́kọ́. Ìyípo ńlá nìyẹn. Àtẹ ti di 45, 62, 71, 45, 58.

Ìyípo kejì kò gbà wá lásìkò. 71 wà lọ́wọ́, 62 wà lápá òsì rẹ̀, 62 kò jù ú lọ. A dá 71 padà síbi tó ti wá.

Ẹ̀kẹta ló dùn ún wò. `i` ti di 3, 45 kejì ló wà lọ́wọ́. 71 jù ú lọ, a sún un. 62 jù ú lọ, a sún òun náà. `j` ti di 1, ó ṣì ju 0 lọ, àmọ́ 45 ló wà lápá òsì báyìí, 45 kò sì ju 45 lọ. Dáyámọ́ǹdì kẹta ló tú wa sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ògiri. A fi 45 sí àyè 1. Ní ìyípo kẹrin, 58 ti 71 àti 62 sí ọ̀tún, ó bá 45, ó dúró sí àyè 2. `i` wá di 5. Nígbà tí dáyámọ́ǹdì àkọ́kọ́ béèrè nígbà karùn-ún bóyá 5 kéré sí 5, ìdáhùn ni Bẹ́ẹ̀ kọ́, a sì tẹ àtẹ jáde: 45, 45, 58, 62, 71.

Ìgbà márùn-ún ni a sún nọ́ńbà. Iye yìí kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Bí a bá padà sórí àtẹ àkọ́kọ́ tí a sì ka gbogbo méjì-méjì tí èyí tó tóbi ti ṣáájú èyí tó kéré, a máa rí márùn-ún: 62 ṣáájú 45 méjèèjì àti 58, 71 ṣáájú 45 kejì àti 58. Bí àtẹ bá ṣe dàrú tó ni ìyípo kékeré ṣe ń yí tó. Bó bá ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀, kò ní sún nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wà níwájú pátápátá, ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà máa gba ìsúnsẹ́yìn 499,500. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í to orúkọ àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ kan. Síbẹ̀, a kò pa á tì. Ìlànà ìtò tí Tim Peters kọ fún èdè Páítọ̀n ní 2002 ń lo ẹ̀yà rẹ̀ kan nígbà tí àtẹ kò bá tó nọ́ńbà 64, torí pé lórí àtẹ kékeré ó yára.

Ẹni tó bá rí ìyípo kékeré yẹn nínú kóòdù Páítọ̀n máa rí ohun kúkúrú kan:

```
while j > 0 and A[j-1] > key:
    A[j] = A[j-1]
    j = j - 1
```

Ọ̀rọ̀ `and` àárín yẹn ti fi ohun kan pa mọ́ tí fúlóṣáàtì kì í jẹ́ kó pa mọ́. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì. Bí a bá gbé dáyámọ́ǹdì kẹta síwájú ìkejì, nígbà tí `j` bá di 0, a máa ní kí kọ̀ǹpútà wo nọ́ńbà àyè −1, àyè tí kò sí. Èdè Jáfà máa dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú `ArrayIndexOutOfBoundsException`. Páítọ̀n ní tirẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀, nítorí lójú tirẹ̀ àyè −1 ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn àtẹ. Ó máa fi 58 wé 45 bíi pé ó mọ ohun tó ń ṣe, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè `j` yóò wá dá a dúró, èsì yóò sì tọ̀nà. Àṣìṣe tí èsì rẹ̀ tọ̀nà burú ju èyí tó pariwo lọ, nítorí ọjọ́ tí ẹnìkan bá tún un kọ ní èdè mìíràn ló máa tó hàn.

Àmì inú dáyámọ́ǹdì kẹta náà ní wàhálà tirẹ̀. Ká ní a kọ "ju tàbí dọ́gba" dípò "ju". Ní ìyípo kẹta, 45 ọmọ kẹrin máa bá 45 ọmọ kejì, á sún un, á sì kọjá síwájú rẹ̀. Lójú ẹni tó ń wo nọ́ńbà nìkan, kò sí ohun tó yí padà. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì, tó sì jẹ́ pé a ti fi lẹ́tà to orúkọ náà tẹ́lẹ̀, àwọn tó gba máàkì kan náà á ti yí ipò padà. Kíka ìsún ló ń tú u fó: mẹ́fà ló máa jẹ́ dípò márùn-ún.

Èyí tó tan akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ọfà tó ṣì ibi tó yẹ kó balẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá sún nọ́ńbà, ọfà ìyípo kékeré gbọ́dọ̀ padà sí dáyámọ́ǹdì kejì. Ẹ jẹ́ ká fà á gùn díẹ̀ sókè, kó balẹ̀ sórí àpótí tó ní kí a mú nọ́ńbà sínú `key`. Àpótí kan péré ni ìyàtọ̀. Ní ìyípo àkọ́kọ́, 45 wà lọ́wọ́, a sún 62 bo àyè tí 45 ti kúrò, ọfà sì gbé wa padà sí àpótí yẹn, tó ní kí a tún mú nọ́ńbà àyè 1. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni 62. A sọ 45 nù nígbà tí a gba 62, kò sì sí ibòmíì tí 45 ọmọ kejì wà mọ́. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí 45 ọmọ kẹrin àti sí 58. 71 ló bo àwọn méjèèjì.

Èsì tí yóò jáde ni 62, 62, 71, 71, 71. Ó wà létòlétò, ìdánwò tó bá kàn béèrè bóyá èyí tó ṣáájú kò ju èyí tó tẹ̀lé e lọ yóò gbà á wọlé. Ẹ̀yin tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fúlóṣáàtì, ẹ ní kí wọ́n ro àtẹ pọ̀ kí wọ́n tó tò ó, kí wọ́n sì tún un rò lẹ́yìn rẹ̀: àtẹ àkọ́kọ́ jẹ́ 281, èyí jẹ́ 337.