Lẹ́tà Mẹ́ta Lórí Bálánsì Kan

Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, ẹni tó jẹ lówó lè lọ bẹ ológò lọ́wẹ̀. Iṣẹ́ ológò ni kó wọ ilé onígbèsè, kó jókòó pa síbẹ̀, kó máa pariwo, kó máa dààmú tọmọdé tàgbà inú ilé, títí wọn ó fi wá owó náà jáde. "Dógò tì" ni wọ́n ń pè é. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ológò a máa gba owó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ náà, ta ni yóò tún padà wá rajà lọ́wọ́ ẹni tó rán ológò sí i?

Ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́rùn oníṣòwò òde òní. Ó fẹ́ kí owó rẹ̀ wọlé, kò sì fẹ́ kí oníbàárà sá lọ. Ọ̀nà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń gbà ni lẹ́tà ìránnilétí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ á dà bí ìkíni, ìkejì á béèrè ọjọ́, ìkẹta á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ gan-an. Kì í ṣe pé ohùn kàn ń le sí i lásán. Iṣẹ́ tí a rán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ iṣẹ́ tó rán an, àtunkọ ló kàn máa ń kọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin atẹ̀wé kan ṣe àpẹẹrẹ, ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dákẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní kó tẹ ìwé àkọsílẹ̀ 2,000 tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà lára èèpo rẹ̀, ₦430 ni ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦860,000. Wọ́n san ₦516,000 sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó kó páálí ìwé lọ fún wọn. Akápò ilé ẹ̀kọ́ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi gba ẹrù. Ínfọ́ìsì tó bá ẹrù náà lọ sọ pé kí bálánsì ₦344,000 wọlé, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 17 oṣù náà.

Ọjọ́ 17 kọjá. Áláàtì kankan ò dún.

Kí obìnrin yìí tó kọ ohunkóhun, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ṣé nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lórí ínfọ́ìsì pé? Ṣé ẹni tó ń sanwó ni ínfọ́ìsì náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, olùdásílẹ̀ ló ń dúnàá dúrà, akápò ló ń sanwó, ínfọ́ìsì tí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù olùdásílẹ̀ sì lè sùn síbẹ̀ lábẹ́ ọgọ́rùn-ún ìkíni Wasáàpù. Ó tún ní láti wo àkáǹtì rẹ̀ dáadáa, nítorí owó lè ti wọlé lórúkọ ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí. Ẹni tó bá pariwo lé oníbàárà tó ti sanwó láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ìtìjú rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Nígbà tó rí i pé kò sí àṣìṣe lọ́dọ̀ òun, ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí akápò ní ọjọ́ 20, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí owó náà pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo gbà pé ìwé àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀ dáadáa. Bálánsì ₦344,000 lórí ínfọ́ìsì nọ́ńbà 118 ni mo ní kí n rán yín létí, ọjọ́ 17 oṣù yìí ló pé. Mo tún ti fi ínfọ́ìsì náà ránṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì wa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti san án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè bi báńkì léèrè. Bí nǹkan kan bá sì wà nípa iṣẹ́ náà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ ṣé gan-an, mà."

Lẹ́tà yìí gbà pé onítọ̀hún gbàgbé ni, ó sì fún un láyè láti sanwó láìsí pé ojú tì í. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó sọ pé "bí nǹkan kan bá wà nípa iṣẹ́ náà" ló lágbára jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó tí kì í wọlé, àròyé ló wà nídìí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ jáde. Bí akápò bá dáhùn pé ìwé 60 ni ojú ewé rẹ̀ kò pé, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Lẹ́tà líle kò wúlò mọ́. Kí atẹ̀wé tún ìwé 60 náà tẹ̀ ló kù, kó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n san owó èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Owó ìwé 60 jẹ́ ₦25,800. Ìyókù, ìyẹn ₦318,200, kò yẹ kó dúró de ojú ewé tí kò pé.

Ohun méjì ni kò sí nínú lẹ́tà náà. Kò sí "ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu", kò sì sí "mo fẹ́ fi san owó ilé ni". Àwa Yorùbá a máa fi ọ̀wọ̀ béèrè, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Bí atẹ̀wé bá ti ń ka ìṣòro ilé rẹ̀, owó iṣẹ́ ti di owó ìrànwọ́ lójú ẹni tó jẹ ẹ́, a sì lè sún ìrànwọ́ síwájú nígbàkúùgbà.

Akápò dáhùn lọ́jọ́ kejì: "Ó dáa, a ti rí i." Ó tán síbẹ̀.

Lẹ́tà kejì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ méjì géérégé. Ọjọ́ ni wọ́n rán èyí lọ mú wá. "A máa san" kì í ṣe ọjọ́, "láìpẹ́" náà kì í ṣe ọjọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bálánsì ₦344,000 lórí ínfọ́ìsì nọ́ńbà 118 ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọjá àkókò rẹ̀. Mo kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ 20, ẹ sì fèsì pé ẹ ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo gan-an ni owó náà yóò wọlé? Bí kò bá ṣeé san lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè san báyìí àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ó san ìyókù. Mò ń retí èsì yín, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin."

Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùdásílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó di ọjọ́ 2, ó pè wọ́n lórí fóònù, ibẹ̀ ni òtítọ́ ti jáde. Akápò sọ pé owó tááàmù kejì ti tán, pé bí àwọn ọmọ bá ń wọlé fún tááàmù kẹta ni àwọn òbí yóò tún sanwó, ṣùgbọ́n àwọn yóò wá nǹkan san ní ọjọ́ 10. Ohun tí atẹ̀wé ò rò nígbà tó ń kọ ínfọ́ìsì nìyí. Ìbẹ̀rẹ̀ tááàmù ni owó ń wọlé fún ilé ẹ̀kọ́, òun sì fi ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ sí ìparí tááàmù, nígbà tí àpò wọn gbẹ. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́: "Ẹ ṣé, mà. Bí a ṣe jọ sọ, ₦344,000 yóò wọlé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin." Akápò fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tó ń tajà láwìn, ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí. Ìlérí orí fóònù a máa parẹ́. Èyí tí a kọ sílẹ̀ tí onítọ̀hún sì gbà, ẹ̀rí ni.

Ọjọ́ 10 dé, owó ò dé. Ní ọjọ́ 14, lẹ́tà kẹta lọ. Èyí kì í ṣe ti Wasáàpù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lókè, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí ẹ̀dà kan.

"Ẹ gba ìwé 2,000 lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ẹ̀dà ìwé tí akápò yín fọwọ́ sí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bálánsì ₦344,000 pé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta. Ẹ ṣèlérí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, owó náà kò wọlé. Bí a kò bá rí i gbà, tàbí kí a rí àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nípa bí ẹ ó ṣe san án, títí ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin yóò fi parí, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké. A kò ní lè gba iṣẹ́ tuntun títí a ó fi yanjú rẹ̀."

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí èpè. Iye owó, ọjọ́ àti ìgbésẹ̀ tó kàn ló mú un le. Ìgbésẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó kọ ọ́ lè gbé. L'Ékòó, láti 2018 ni àwọn kóòtù májísíréètì ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ gbèsè bẹ́ẹ̀, bí owó náà kò bá ju ₦5,000,000 lọ, ìlànà wọn sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé ìbéèrè gbèsè, èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù SCA 1, ránṣẹ́ sí onígbèsè. Lẹ́tà kẹta kò rọ́pò fọ́ọ̀mù náà, àmọ́ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wúlò níwájú adájọ́.

Ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi dẹ́rù ba onígbèsè níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí. Àṣìṣe ńlá ni. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ torí àdéhùn tí ẹnì kan kò mú ṣẹ nìkan mú un. Èlé náà, bí kò bá sí nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọjú nínú lẹ́tà kẹta. Àwọn ará wa tó ń ṣòwò ní Bìrìtìkó rọ́nà gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ: òfin wọn ti 1998 gba ilé iṣẹ́ láyè láti bu èlé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí iye tí báńkì àgbà wọn bá fi lélẹ̀, lé gbèsè tí ilé iṣẹ́ mìíràn jẹ ẹ́, bí àdéhùn wọn kò tilẹ̀ dárúkọ èlé.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀ pe atẹ̀wé. Ó san ₦200,000 lọ́jọ́ náà, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé ₦144,000 tó kù yóò wọlé ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, nígbà tí àwọn òbí bá ti sanwó. Atẹ̀wé gbà, nítorí ìwé tí a fọwọ́ sí ti pa àríyànjiyàn lẹ́nu mọ́: ilé ẹ̀kọ́ kò tún lè sọ pé àwọn ò jẹ ẹ́.

Owó náà wọlé ní ọjọ́ 8, ó sì fi rìsíìtì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọpẹ́. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà tún gbé iṣẹ́ wá fún tááàmù tuntun, ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n san sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ìyókù sì wọlé kí páálí kan tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.