Ìdí tí Fódà OneDrive fi ń Di Ẹ̀dà Méjì Nígbà tí a bá Gbé e Kúrò Ní Àyè Rẹ̀, àti Ọ̀nà tí ó Tọ́ láti Gbé e

Ọ̀pọ̀ olùgbé ìpínlẹ̀ wa ni ó ń tọ́jú ìwé iṣẹ́ wọn sínú fódà OneDrive lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows. Ohunkóhun tí ẹ bá fi sínú fódà yìí ni áàpù OneDrive máa ń kọ ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì tún ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹ bá fi orúkọ kan náà wọlé sí. Nígbà tí dísìkì C: bá kún, èrò tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ni pé kí a gbé fódà náà lọ sí dísìkì D:. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì àti òmíràn nílé. Èsì ìdánwò gbogbo kíláàsì wà nínú fódà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tó 40 gígábáìtì. Àyè tí fódà náà wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìyí:

```
C:\Users\akowe\OneDrive
```

Áàpù OneDrive ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń tọ́jú. Nínú rẹ̀ ni ó ti kọ àyè tí fódà wà, àti bí fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe rí nígbà tí ó wò ó kẹ́yìn. Àyè tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí nìkan ni ó ń ṣọ́. Bí fáìlì kan bá kúrò níbẹ̀, kò mọ̀ pé ẹ gbé e lọ sí D: ni. Ohun tí ó rí ni pé fáìlì náà kò sí mọ́.

Bí akọ̀wé wa bá ṣí fódà náà, tí ó sì gbé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò lọ sí D: nígbà tí áàpù ń ṣiṣẹ́, áàpù yóò gbà pé ó pa wọ́n rẹ́ ni. Yóò pa wọ́n rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò sì pòórá lórí kọ̀ǹpútà ilé pẹ̀lú. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wọ ojú ìwé OneDrive lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí Recycle bin. Àwọn fáìlì tí a pa rẹ́ máa ń wà níbẹ̀ fún 30 ọjọ́ bí ó bá jẹ́ àkáǹtì ti ara ẹni, ẹ sì lè dá wọn padà.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ pa áàpù kí ó tó gbé fódà náà lódindi, áàpù yóò sọ fún un nígbà tí ó bá tún ṣí i pé òun kò rí fódà OneDrive mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá ṣètò rẹ̀ lákọ̀tun láìyí ohunkóhun padà. Áàpù yóò dá fódà tuntun sílẹ̀ lórí C:, yóò sì tún máa fi dátà gba àwọn fáìlì náà wálẹ̀. Èyí tí ó wà lórí D: ti di òkú ẹ̀dà, bí akọ̀wé bá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, iṣẹ́ náà kò ní dé ibìkan. Níkẹyìn, èsì ìdánwò kan náà yóò wà ní ibi méjì, tí àwọn máàkì inú wọn kò sì bára mu.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ já ìdè tí ó wà láàárín áàpù àti fódà, kí ẹ gbé fódà, kí ẹ sì tún so wọ́n pọ̀ ní àyè tuntun. Dísìkì tí ẹ ń gbé e lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ oríṣi NTFS. Láti mọ èyí, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ D:, kí ẹ yan Properties, kí ẹ sì wo ohun tí ó wà níwájú File system. Ẹ má ṣe lo fíláàṣì, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá yọ ọ́ ni áàpù yóò tún sọ fódà nù.

Èkíní, ẹ pa gbogbo fáìlì tí ó ṣí sílẹ̀ dé, kí ẹ sì dá iṣẹ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà kejì. Ẹ tẹ àmì OneDrive ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì dúró títí yóò fi fi hàn pé kò sí fáìlì tí ó kù láti fi ránṣẹ́.

Èkejì, ẹ ṣí Settings láti ibi àmì náà. Bí ẹ bá ti ní kí OneDrive máa tọ́jú Desktop, Documents tàbí Pictures, ẹ kọ́kọ́ dá a dúró ní Manage backup. Ojú Desktop lè dà bí ẹni pé ó ṣófo lẹ́yìn èyí. Àwọn fáìlì náà ṣì wà nínú fódà OneDrive.

Ẹ̀kẹta, ní abẹ́ Account, ẹ tẹ Unlink this PC. Èyí kò pa fáìlì kankan rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn fáìlì tí ó ní àmì ìkùukùu, tí ó jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n wà, kò ní bá yín dé D:, ṣùgbọ́n wọn yóò tún yọjú nígbà tí ẹ bá so ó padà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wá gbé fódà OneDrive lódindi lọ sí D:. Ẹ má ṣe ṣí fáìlì kankan nínú rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣí áàpù, kí ẹ wọlé. Níbi tí ó ti fi àyè fódà hàn, ẹ tẹ Change location, kí ẹ sì tọ́ka sí àyè tuntun. Ẹ ka ohun tí ó kọ dáradára kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ohun tí ó yẹ kí ẹ rí ni èyí:

```
D:\OneDrive
```

Bí ó bá kọ `D:\OneDrive\OneDrive`, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ sì yan `D:\` nìkan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fódà kejì ni yóò dá sílẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan yóò sì di méjì-méjì. Nígbà tí ó bá sọ pé fódà kan ti wà níbẹ̀, ẹ gbà kí ó lo fódà náà.

Áàpù yóò wá fi fáìlì kọ̀ọ̀kan wé èyí tí ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí méjèèjì bá bára mu, kò ní gbà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, kò lè mọ èyí tí ẹ fẹ́, nítorí náà yóò fi méjèèjì sílẹ̀, yóò sì fi orúkọ kọ̀ǹpútà kún orúkọ ọ̀kan nínú wọn, báyìí:

```
Esi-Idanwo.xlsx
Esi-Idanwo-OFFICE-PC.xlsx
```

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ dá iṣẹ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí méjèèjì, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, kí ẹ kó ohun tí ó tọ́ sínú ọ̀kan, kí ẹ tó pa èkejì rẹ́.

Láti mọ̀ pé ó ti yanjú, ẹ kọ fáìlì kékeré kan sínú fódà tí ó wà lórí D:, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò yọ lórí kọ̀ǹpútà kejì. Bí ó bá yọ níbẹ̀, tí kò sì sí fódà OneDrive mìíràn lórí C:, iṣẹ́ ti parí. Ẹ lè wá padà sí Manage backup láti tún tan èyí tí ẹ dá dúró.