Báǹkì Méjì Di Ọ̀kan, Nọ́ńbà Kò Gbà

Bí o bá ti ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́ láti ọdún 2019 wá, ó ṣeé ṣe kí o ti rí nǹkan kan tó yani lẹ́nu nínú orúkọ àwọn báǹkì tí áàpù máa ń tò sílẹ̀. Wàá rí Access Bank, wàá sì tún rí Access Bank (Diamond). Bẹ́ẹ̀, báǹkì Diamond ti wọnú Access láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2019, ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin sì ni wọ́n gbé àmì tuntun jáde. Àwọn tó ní ìpín nínú Diamond gba náírà kan lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún gba ìpín Access méjì lórí méje tí wọ́n ní. Ìyàwó ti wọlé, a ti jẹ, a ti mu. Kí wá ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ṣì ń ṣe lójú fóònù?

Wo nọ́ńbà àkáǹtì rẹ. Mẹ́wàá ni. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni báǹkì fi dá àkáǹtì mọ̀. Ìkẹwàá jẹ́ ẹlẹ́rìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi hàn pé ẹni tó tẹ nọ́ńbà náà kò ṣì í tẹ̀. Báǹkì Àgbà ilẹ̀ wa ló là bí a ṣe ń ṣírò ẹlẹ́rìí yìí sílẹ̀. A ó mú nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n fi dá báǹkì mọ̀ (044 ni ti Access, 063 ni ti Diamond), a ó fi ṣíwájú mẹ́sàn-án yẹn, a ó wá fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ léraléra títí dé òpin. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì yọ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn àròpọ̀ náà kúrò nínú 10 (bó bá ku 10, a ó kọ 0). Jẹ́ kí á fi 000001457 dán an wò:

```
000001457: 1×3 + 4×3 + 5×7 + 7×3 = 71
044: 0×3 + 4×7 + 4×3 = 40;  40 + 71 = 111;  10 − 1 = 9
063: 0×3 + 6×7 + 3×3 = 51;  51 + 71 = 122;  10 − 2 = 8
```

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án kan náà parí sí 9 ní Access, ó parí sí 8 ní Diamond. Kì í ṣe èèṣì, nítorí 40 parí sí 0, 51 parí sí 1, kò sì sí nọ́ńbà tí ẹlẹ́rìí méjèèjì kò ní yàtọ̀ síra. Bí ẹnìkan bá kàn dìde lọ́jọ́ kan tó ní kí gbogbo àkáǹtì Diamond máa jẹ́ 044, gbogbo wọn pátá ni kọ̀ǹpútà àwọn báǹkì yòókù máa pè ní àṣìtẹ̀. Ronú nípa nọ́ńbà tí oníṣòwò ti kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tàbí èyí tí ọ́fíìsì ti ń fi owó oṣù ránṣẹ́ sí láti ọdún mẹ́wàá. Èmi kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ṣèpinnu ní Access, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí nìkan tó fún ẹni tó bá gbọ́n láti fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ níbi tó wà.

Irú nǹkan báyìí ni iṣẹ́ àwọn tí à ń pè ní ayàwòrán ilé-iṣẹ́. Wọn kì í ya ilé alámọ̀ tàbí ilé bíríkì. Ohun tí wọ́n ń yà ni bí iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́, ìwé àti kọ̀ǹpútà ṣe so mọ́ra nínú ilé-iṣẹ́, kí a tó fọwọ́ kan èyíkéyìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ méjì bá di ọ̀kan, àwọn ló máa sọ èyí tí a ó dì mú, èyí tí a ó jù nù, àti èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣe.

Mo ti jókòó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí, ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà apá kìíní gbé ìwé tó kún fún orúkọ sọ́fíwia wá, ti apá kejì náà gbé tirẹ̀ wá, wọ́n sì ń fa ọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí tí wọ́n fi gbé ìrẹsì wọlé. “Tiwa ló yá jù.” “Tiwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó rẹ̀.” Ìyá àgbà kan láti ẹ̀ka ìṣirò owó, tí kò tíì sọ nǹkan kan, ló wá là á: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákun, kí la wá ń ṣe níbí gan-an? Kì í ṣe ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní o, iṣẹ́ wa ni mò ń bèèrè.” A ya ìwé sí wẹ́wẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ohun tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jọ́ yẹn ni àwòrán agbára-iṣẹ́. Agbára-iṣẹ́ ni ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni yòówù kó máa ṣe é, ẹ̀rọ yòówù kí wọ́n fi ń ṣe é. Ti báǹkì kò ju bíi mẹ́wàá lọ tí a bá wò ó lókè: dídá oníbàárà mọ̀, gbígba owó pamọ́, yíyá ènìyàn lówó, fífi owó ránṣẹ́, ṣíṣọ́ jìbìtì, ríròyìn fún ìjọba, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá kọ “Ẹ̀ka Ẹ̀yáwó” sórí ìwé, ó ti kọ orúkọ ọ́fíìsì. Bó bá kọ orúkọ sọ́fíwia, ó ti tún kó wa padà sínú ìjà òwúrọ̀. “Pípinnu ẹni tí a ó yá lówó” ni kó kọ, torí pé báǹkì méjèèjì ń ṣe ìyẹn, a sì lè fi wọ́n wéra. A ó wá tú àpótí ńlá kọ̀ọ̀kan sí kéékèèké títí a ó fi kan ibi tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Ibi tí wọ́n bá ti jọra, kò sídìí láti máa tú u mọ́, iṣẹ́ àṣelékè ni.

Nígbà náà la ó tó béèrè lórí àpótí kọ̀ọ̀kan pé: ta ló mọ èyí ṣe jù? Ìdáhùn lè jẹ́ tìhín, ó lè jẹ́ tọ̀hún. Ó lè jẹ́ kí méjèèjì máa lọ nítorí oníbàárà wọn yàtọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí èyí tó dáa, kí a ra tuntun. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ ni kí wọ́n ní “àwa la ra yín” kí wọ́n sì fi tiwọn rọ́pò gbogbo nǹkan. Access lórúkọ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, Diamond lórúkọ lọ́dọ̀ mẹ̀kúnnù àti lórí fóònù, ìdí tí wọ́n sì fi ní àwọn fẹ́ di ọ̀kan náà nìyẹn. Bí o bá sanwó ra ohun kan tán, tí o wá fi ti tìrẹ bò ó mọ́lẹ̀, kí lo rà? Ẹ̀rí kan tí ará ìta lè rí ni DiamondXtra, àkáǹtì olówó-ẹ̀bùn tó ti ilé Diamond wá, tó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ nílé Access.

Nínú gbogbo àpótí, ọ̀kan wà tó máa ń gbé yòókù dè: dídá oníbàárà mọ̀. Ká ní ìyá aláṣọ kan wà ní Gbági tó ní àkáǹtì ní báǹkì méjèèjì. Ní ọ̀kan, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló fi ṣí i. Ní èkejì, orúkọ bàbá rẹ̀ ni, kí ó tó relé ọkọ. Nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Ó jẹ ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́rin náírà, ó jẹ èkejì ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Lójú ìwé méjèèjì, ènìyàn méjì tí gbèsè wọn kò wúwo ni. Lọ́jọ́ tí báǹkì di ọ̀kan, ènìyàn kan ni, ó sì jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje. Bí báǹkì kò bá mọ̀, ó lè tún yá a sí i. Ní Nàìjíríà, BVN tó ti wà láti ọdún 2014, tí ó jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, ló máa ń yanjú púpọ̀ nínú èyí, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni ẹnìkan ní káàkiri gbogbo báǹkì. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò ní BVN, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ la ó lò. Àkáǹtì tọkọtaya sì ní BVN méjì. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti gbọ́dọ̀ kàn án nìyẹn, ìwé kan sí ìkejì, kò sì yá rárá.

Ìdí nìyí tí ètò ìrìn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ipò àfojúsùn ni àwòrán ilé-iṣẹ́ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí: lẹ́jà kan, ìwé oníbàárà kan, áàpù kan. Ẹnikẹ́ni lè ya ìyẹn ní ọ̀sán kan. Èyí tó nira ni àwọn ibùsọ̀ tó wà láàárín. Ní ibùsọ̀ kìíní, lẹ́jà méjèèjì ṣì dúró, ṣùgbọ́n ìwé oníbàárà kan ti wà lórí wọn, afárá kan sì ń gbé ìsọfúnni lọ gbé e bọ̀. Ní ibùsọ̀ kejì, inú lẹ́jà kan ṣoṣo là ń ṣí àkáǹtì tuntun sí, kí èyí tó ń lọ má bàa máa sanra sí i. Ní ìkẹta, a ó máa kó àwọn àkáǹtì àtijọ́ wá ní ìpele ìpele, kí a kọ́kọ́ kó ti àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, kí àṣìṣe má bàa kọ́kọ́ dé orí oníbàárà. Ní ìkẹrin, a ó pa lẹ́jà kejì. Ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí a lè sùn mọ́jú, tí ìṣirò bá ara mu lálẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tán tí a sì dúró síbẹ̀ fún ọdún kan.

Báǹkì TSB nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́ tó korò jù lórí èyí, bí ọ̀ràn tirẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Báǹkì Sabadell ti Sípéènì rà á lọ́dún 2015, àmọ́ orí ẹ̀rọ Lloyds, tó ni TSB tẹ́lẹ̀, ló ṣì ń jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ ronú láti kó ẹrù ní ìpele, wọ́n wá yí i padà sí pé kí èyí tó pọ̀ jù lọ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2018. Ibùdó kọ̀ǹpútà méjì tí wọ́n máa lò, ọ̀kan ni wọ́n fi ẹrù wúwo dán wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lé ní irínwó ẹgbẹ̀rún oníbàárà ni kò lè wọnú àkáǹtì wọn. Àwọn kan wọlé, wọ́n bá owó ẹlòmíì níbẹ̀. TSB san £32.7 mílíọ̀nù fún àwọn tó pa lára, àwọn aláṣẹ sì bù ú ní ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 2022.

Àìsàn tí kò pariwo bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń rí níbi púpọ̀. Afárá tí wọ́n ní fún oṣù mẹ́fà ni á di ọdún márùn-ún, tí wọ́n á máa san owó sọ́fíwia méjì, tí òṣìṣẹ́ á sì máa tẹ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó rọrùn láti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ètò ìrìn wá síwájú rẹ ní ibi iṣẹ́ rẹ, má wo ohun tuntun tí wọ́n fẹ́ rà. Béèrè ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n máa pa sí, ọjọ́ tí wọ́n máa pa á, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí ojú ewé yẹn kò bá sí, sọ fún wọn kí wọ́n lọ kọ ọ́ wá kí ẹ tó jókòó.