Ṣé oògùn aràn yín ṣì ń ṣiṣẹ́? Ẹ yẹ ìgbẹ́ àgùntàn wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin àgùntàn ní Sántásì, aràn inú a máa pọ̀ lásìkò òjò. Èyí tó burú jù ń mu ẹ̀jẹ̀: inú ìpéǹpéjú ẹran á funfun, abẹ́ àgbọ̀n á wú.

Ẹ má kàn máa lo oògùn lóṣooṣù. Aràn tí oògùn kò pa ni yóò máa bímọ, títí oògùn náà kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ẹyin aràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lo albẹndasólù, ẹ mú ìgbẹ́ tútù láti ìdí àgùntàn mẹ́wàá. Ẹ di ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà, torí ẹyin a máa pa nínú ooru. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ tún mú ti àwọn ẹran kan náà.

Ká ní ìpíndọ́gba ẹyin jẹ́ 1,200 nínú gíráàmù kan tẹ́lẹ̀. Tó bá di 60 tàbí kó dín, oògùn ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ 480, ó ku díẹ̀ káàtó.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ojú lásán lẹ fi díwọ̀n ìwúwo ẹran, tí oògùn kò fi tó. Bí oògùn bá tó, ẹ bi dókítà bóyá lefamisólù ló kàn. Ẹ má ra fẹnbẹndasólù: ìdílé kan náà ni pẹ̀lú albẹndasólù.

Ẹ má fún ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ní albẹndasólù.